Ìgbà Wo ni Àdífẹ́ǹtì Ń Bẹ̀rẹ̀, Kí ló sì Ń Fà Á Tí Gígùn Rẹ̀ Kì Í Fi Dọ́gba?

Lọ́dún 2022, ọjọ́ 28 gbáko ni Àdífẹ́ǹtì gbà. Lọ́dún 2023 tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 22 péré ni. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni o. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá náà ni Kérésìmesì bọ́ sí lọ́dún méjèèjì, àbẹ́là mẹ́rin náà ni wọ́n sì ń tàn níwájú pẹpẹ. Níbo wá ni ọjọ́ mẹ́fà gbà lọ?

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àdífẹ́ǹtì ni àkókò tí àwọn ìjọ àtijọ́ fi ń múra de Kérésìmesì. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí bíbọ̀ ni wọ́n ti mú un. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ní ìparí oṣù Kọkànlá, tí ẹ kọjá ní Àkùngbá níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ojú ọ̀nà ló ń ṣe é. Àwọn Áńgílíkà, Kátólíìkì àti Mẹ́tọ́díìsì ló máa ń yí aṣọ pẹpẹ sí àwọ̀ elésè àlùkò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ tuntun kò kà á sí, orin Kérésìmesì ni tiwọn tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí wọn lára.

Òfin rẹ̀ kò le. Sọ́ńdè mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà ṣáájú Kérésìmesì, àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Àdífẹ́ǹtì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé tí wọ́n bá gbọ́ Sọ́ńdè mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n máa ń gbọ́ sí etí. Nǹkan ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àwa Yorùbá ló tiẹ̀ yẹ kó tètè yé, nítorí bí a ṣe ń ka ọjọ́. Tí òní bá jẹ́ Sọ́ńdè, a ó ní ìjọ́ mẹ́jọ òní tún jẹ́ Sọ́ńdè. A ka òní mọ́ ọn, a sì ka Sọ́ńdè tó ń bọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méje ló wà láàárín. Sọ́ńdè méjì, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Sọ́ńdè mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ 21 ni ó wà láti Sọ́ńdè kìíní Àdífẹ́ǹtì dé Sọ́ńdè kẹrin, èyí kì í yí padà láé.

Nítorí náà, ohun tó ń yí padà kò sí níbòmíràn ju ẹ̀yìn Sọ́ńdè kẹrin lọ. Láti Sọ́ńdè kẹrin yẹn dé ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọjọ́ mélòó ni? Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan, tí Sọ́ńdè kẹrin bá bọ́ sí ọjọ́ 24 fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ odidi ọjọ́ méje. Kérésìmesì ni yóò sọ, ọjọ́ tó bá bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní nọ́ńbà. Ajé jẹ́ 1, Ìṣẹ́gun jẹ́ 2, Ọjọ́rú jẹ́ 3, Ọjọ́bọ̀ jẹ́ 4, Ẹtì jẹ́ 5, Àbámẹ́ta jẹ́ 6, Àìkú jẹ́ 7. Ẹ wo ọjọ́ tí Kérésìmesì bọ́ sí, ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi kún 21. Gígùn Àdífẹ́ǹtì ọdún náà nìyẹn, láti Sọ́ńdè kìíní títí dé ọjọ́ 24. Lọ́dún 2023, Ọjọ́ Ajé ni Kérésìmesì, 21 àti 1 jẹ́ 22. Lọ́dún 2022, Ọjọ́ Àìkú ni, 21 àti 7 jẹ́ 28. Ẹ rí ibi tí ọjọ́ mẹ́fà gbà lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ ka iye yẹn padà sẹ́yìn láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 22 sẹ́yìn láti 25 gbé wa dé ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 28 sẹ́yìn gbé wa kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó jù wá sí ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá. Ààlà méjèèjì nìyẹn. Àdífẹ́ǹtì kì í bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, kì í sì í kọjá ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá.

Ẹ fi ààlà yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò tú àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù fó. Tí Kérésìmesì bá bọ́ sí Sọ́ńdè, àwọn kan á ka Kérésìmesì fúnra rẹ̀ mọ́ Sọ́ńdè mẹ́rin náà. Wọ́n á ní ọjọ́ 25, 18, 11, àti 4, Sọ́ńdè mẹ́rin pé. Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ni wọ́n á kọ sínú ìwé ètò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 ti jáde kúrò nínú ààlà. Sọ́ńdè mẹ́rin ṣáájú Kérésìmesì la sọ, Kérésìmesì kò lè ṣáájú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún Àìkú ní 7, tí mi ò fún un ní òdo.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ọ̀rọ̀ tó kan owó àti ojú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkàrẹ́ fẹ́ fẹ́ ọmọ Ọ̀kà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìgbéyàwó ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023, inú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyàwó ń lọ gan-an sì ni. Wọ́n wá fẹnu kò sí Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún 2025 fún tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ní rárá. Ìjọ wọn kì í so yìgì nínú Àdífẹ́ǹtì, bí wọn kì í tií ṣe é nínú Lẹ́ńtì. Àwọn ará Ìkàrẹ́ bínú. Bàbá wa àgbà kan tiẹ̀ sọ pé, "Ẹ ò ṣe tọmọ lágbájá ní ọdún méjì sẹ́yìn? Àbí tiwa ló yàtọ̀?"

Kò sí ojúsàájú níbẹ̀ o. Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023 jẹ́ ọjọ́ 2, Àdífẹ́ǹtì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ kan ṣoṣo já sí i. Lọ́dún 2025, Ọjọ́bọ̀ ni Kérésìmesì. 21 àti 4 jẹ́ 25. Ẹ ka ọjọ́ 25 sẹ́yìn láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ẹ ó bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Àbámẹ́ta tí wọ́n mú, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ti wà nínú ọ̀sẹ̀ kìíní Àdífẹ́ǹtì. Mo ya kàlẹ́ńdà sórí bébà fún wọn, mo sì fi hàn wọ́n pé Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn nínú oṣù Kọkànlá kì í bọ́ sínú Àdífẹ́ǹtì lọ́dúnkọ́dún. Ẹ gbé e wò. Tí Àdífẹ́ǹtì bá tètè bẹ̀rẹ̀ jù, ní ọjọ́ 27, Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 26, òun náà sì ni ìkẹyìn nínú oṣù, torí ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ni wọ́n padà mú. Ìyá ìyàwó, tó jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé ètò ìjọ dáadáa, ní kí wọ́n tètè ṣe é láàárọ̀, nítorí pé nínú ètò ìsìn, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni Sọ́ńdè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Àdúrà ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta yẹn ló ń ṣí Àdífẹ́ǹtì.

Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, ní tirẹ̀, máa ń ṣeé lò nígbà tí Àdífẹ́ǹtì bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 tàbí ọjọ́ 3 nìkan. Ìyẹn túmọ̀ sí ọdún tí Kérésìmesì bá bọ́ sí Ìṣẹ́gun tàbí Ajé. Lẹ́yìn 2023, ó di 2028 àti 2029.

Ó ku ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí Kérésìmesì kì í dúró sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀?

Ẹ wo ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún. Bí a bá ṣe ń kà á, ọjọ́ márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Tí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yín, ẹ má retí pé ọjà ni yóò jẹ́ nígbà tí ọmọ náà bá pé ọdún kan. Ọjọ́ 365 ló wà nínú ọdún. Tí ẹ bá fi mẹ́rin pín in, ó lọ ní ọ̀nà 91, ó ṣẹ́ ku ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́ kù yẹn ni yóò sún ọjọ́ ìbí ọmọ náà kúrò lórí ọjà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52, ó ṣẹ́ ku ọjọ́ kan. Nítorí náà, ọjọ́ yòówù kí Kérésìmesì jẹ́ lọ́dún yìí, yóò sún síwájú lọ́jọ́ kan lọ́dún tó ń bọ̀. Tí oṣù Èrèlé bá ní ọjọ́ 29 láàárín Kérésìmesì méjèèjì, ọdún di ọjọ́ 366, ọjọ́ méjì ló ṣẹ́ kù, Kérésìmesì á sì fo ọjọ́ kan kọjá.

Ẹ bá mi tẹ̀ lé e láti 2023. Ajé ni ó jẹ́ lọ́dún yẹn, Àdífẹ́ǹtì jẹ́ ọjọ́ 22. Èrèlé ọdún 2024 ní ọjọ́ 29, Kérésìmesì fo Ìṣẹ́gun, ó bọ́ sí Ọjọ́rú, Àdífẹ́ǹtì di 24. Ọdún 2025, Ọjọ́bọ̀, 25. Ọdún 2026, Ẹtì, 26. Ọdún 2027, Àbámẹ́ta, 27. Ẹ rí i pé ńṣe ló ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó yóò rò pé 28 ló kàn. Ṣùgbọ́n Èrèlé ọdún 2028 tún ní ọjọ́ 29. Kérésìmesì á fo Sọ́ńdè kọjá, á bọ́ sí Ajé, Àdífẹ́ǹtì á sì já wálẹ̀ láti 27 sí 22.

Nítorí fífò yìí ni Àdífẹ́ǹtì ọlọ́jọ́ 28 kò fi ní àlàfo kan pàtó. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2005, ní 2011, ní 2016 àti ní 2022. Ọdún mẹ́fà, ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà. Èyí tó kàn di 2033, ọdún mọ́kànlá gbáko, torí 2028 fo ó dà nù. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kérésìmesì 2022 yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kó tó tún rí irú rẹ̀.

Nínú Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà sọ òfin yìí. Wọ́n ní Sọ́ńdè tó bá súnmọ́ ọjọ́ Anderu Mímọ́ jù, ìbáà ṣáájú rẹ̀ tàbí kó tẹ̀ lé e, ni Sọ́ńdè Àdífẹ́ǹtì. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ Anderu. Èdè Kérésìmesì kò sí nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ibì kan náà ló ń gbé wa dé. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn láti ọjọ́ 30, ẹ dé ọjọ́ 27. Ẹ ka mẹ́ta síwájú, ẹ dé ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ méje ni gbogbo rẹ̀ pọ̀, Sọ́ńdè kan péré ló sì lè wà nínú ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju tèmi lọ fún ẹni tí kò fẹ́ ṣírò: ẹ sá wo kàlẹ́ńdà ògiri, ẹ fi ìka lé ọjọ́ 30, kí ẹ wá Sọ́ńdè tó súnmọ́ ọn. Àwọn Kátólíìkì tún ní àmì mìíràn. Sọ́ńdè tí wọ́n bá ṣe àjọ̀dún Kristi Ọba, èyí tó tẹ̀ lé e ni Àdífẹ́ǹtì.

Ìkàrẹ́ jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń gbé inú agbo ilé kan náà, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa ronú sí Ààwẹ̀ Ramadáànì. Òun náà kì í gùn bákan náà, ó lè jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30. Ṣùgbọ́n òṣùpá ló ń pinnu tirẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ wojú ọ̀run. Ọdún Àjíǹde náà ní òṣùpá nínú ìṣirò rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè bọ́ sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, tó sì tún lè lọ jìnnà dé ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Òṣùpá kò mọ ohunkóhun nípa Àdífẹ́ǹtì. Nǹkan méjì péré ló ń bára wọn jà nínú rẹ̀: déètì tí kì í yí padà, àti Sọ́ńdè tí kò mọ déètì.

Ẹ̀rí èyí wà lọ́dọ̀ àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti ìlà oòrùn, ìyẹn àwọn ará Gíríìsì àti àwọn mìíràn. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ni ààwẹ̀ tiwọn ṣáájú Kérésìmesì ń bẹ̀rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà ìjọ wọn, ìbáà jẹ́ Sọ́ńdè tàbí kó má jẹ́ ẹ. Ogójì ọjọ́ ni, lọ́dọọdún, kì í dín, kì í lé. Wọ́n so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ déètì, wọ́n so òpin mọ́ déètì, kò sí ohun tó lè fa gígùn rẹ̀. Àwa tí a so orí kan mọ́ Sọ́ńdè, tí a so orí kejì mọ́ déètì, la ní okùn tó ń gùn tó sì ń kúrú.

Nígbà tó bá kúrú, kí ló ń pàdánù? Kì í ṣe Sọ́ńdè. Nínú ètò ìsìn Kátólíìkì, láti ọjọ́ 17 sí 24 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kíkà tirẹ̀ tí wọ́n so mọ́ déètì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, àárín ni wọ́n ti ń gé e. Lọ́dún 2023, Sọ́ńdè kẹta bọ́ sí ọjọ́ 17 gan-an, gbogbo ìwé kíkà ti Ajé sí Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta kò sì jáde rárá. Lọ́dún 2022, Sọ́ńdè kẹta jẹ́ ọjọ́ 11, wọ́n ka gbogbo wọn láti ọjọ́ 12 dé 16, kò ku ọ̀kan.

Èyí tó ń dà àwọn akọrin láàmú ju ìyẹn lọ ni Sọ́ńdè kẹrin ọdún kúkúrú. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Sọ́ńdè kẹrin Àdífẹ́ǹtì ni láàárọ̀, tàbílì pẹpẹ ṣì wà nínú elésè àlùkò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan àbẹ́là kẹrin. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, aṣọ funfun ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ìsìn òru Kérésìmesì ti dé. Ọ̀sẹ̀ kẹrin Àdífẹ́ǹtì kò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ́ Kátólíìkì kò sì lè fi Máàsì kan san gbèsè méjèèjì, Sọ́ńdè ní tirẹ̀, Kérésìmesì ní tirẹ̀. Irú ọjọ́ yìí ń padà bọ̀ ní 2028, kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò ìsìn ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà tètè ṣe ìpalẹ̀mọ́ òdòdó àti aṣọ pẹpẹ láti Àbámẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti rí páálí ṣokoléètì tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé, tó ní ilẹ̀kùn kéékèèké 24, tí wọ́n ń ṣí ọ̀kan lójúmọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Àdífẹ́ǹtì ni wọ́n kọ sí i lára. Ọdún tí Kérésìmesì bá bọ́ sí Ọjọ́rú nìkan ni páálí yẹn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì mu. Ó bá a mu ní 2024. Èyí tó kàn jẹ́ 2030.